Eré Èébú Lábẹ́ Igi Fúrúùtù: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ẹ̀pẹ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, láàárín àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún tí mo ń kọ́, ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán. Ọmọkùnrin méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, mo sì ti yí orúkọ wọn padà: n ó máa pe ọ̀kan ní Wàsíù, n ó máa pe èkejì ní Dáre. Ìjà ni àwọn àgbà rí. Ètè Dáre bẹ́, gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù Wàsíù já dànù, ẹjọ́ sì dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Ṣùgbọ́n eré tó bí ìjà náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ láìsí ìjà kankan nínú rẹ̀, orí eré yẹn ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí ó ṣe ń lọ nígbà tí ó dára kò lè fi ìka tọ́ ibi tí ó ti bàjẹ́.

Yábíìsì ni àwọn ọmọ ń pè é. Àwọn méjì á dúró kojú ara wọn lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn kíláàsì, àwọn yòókù á sì pa agbo yí wọn ká. Ọ̀kan á ju èébú kan, agbo á pariwo bí ó bá dùn, èkejì á sì dá a padà. Kò sí ẹni tó ń ka máàkì, ariwo agbo ni adájọ́. Èébú tó bá dùn á gba ariwo gígùn, àwọn mìíràn á tilẹ̀ sá jáde kúrò nínú agbo, wọn á yí po igi, wọn á tún padà wá. Èyí tí kò bá dùn, wọn á ní, "A ti gbọ́ yẹn rí," ẹni tó sọ ọ́ á sì wá òmíràn kíákíá. Bí ẹnì kan bá bínú, tàbí tí kò rí ọ̀rọ̀ dá padà, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn, ẹlòmíràn á sì bọ́ sí ipò rẹ̀.

Wàsíù ni ọ̀gá eré náà ní kíláàsì mi. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń yan ẹja ni ó ń gbé, bí ilé-ìwé bá sì ti parí, ọjà Olúwo ni ó ń gbà lọ láti bá màmá ru agbọ̀n. Ẹni tó bá mọ ọjà ẹja yẹn á mọ̀ pé ẹnu kì í dákẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀. Ohun tí ọmọ náà ń gbọ́ lójoojúmọ́ hàn nínú ohun tí ó ń sọ: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹ̀pìyà, akàn, ọkọ̀, àwọ̀n, gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọ inú èébú rẹ̀. Mo dúró sí ojú fèrèsé lọ́jọ́ kan, mo sì gbọ́ tí ó sọ fún Dáre pé:

"Etí ẹ fẹ̀ bí ìgbòkun. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, Ẹ̀jìnrìn la ti máa lọ gbé ẹ."

Agbo hó. Dáre mi èémí kan, ó sì dá a lóhùn pé:

"Bí atẹ́gùn bá gbé mi dé Ẹ̀jìnrìn, tí òjò bá ká mi mọ́bẹ̀, imú ẹ ni mo máa wọ̀ sí. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ló wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìpààrọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Èébú Wàsíù ní ẹ̀ka mẹ́ta: ó dárúkọ ẹ̀yà ara kan, ó fi wé nǹkan, ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àfiwé náà bá jẹ́ òótọ́. Ẹ̀ka kẹta yìí ni ó ń pa agbo lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì àti ìkẹta tí wọ́n ń gbìyànjú eré yìí kì í kọjá ẹ̀ka kejì. "Orí ẹ bí àgbọn," wọ́n parí nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé a lè fi nǹkan wé nǹkan, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lè gbé àfiwé náà rìn títí tí yóò fi di ìtàn. Láàárín kíláàsì kẹrin sí ìkarùn-ún ni mo máa ń rí i tí gbólóhùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, tí "débi pé" àti "tó bẹ́ẹ̀ tí" bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé olùkọ́ kankan kọ ọ́ sí ojú pátákó.

Ti Dáre tún ju ti Wàsíù lọ. Kò sọ pé etí òun kò fẹ̀. Ó gba àfiwé ọ̀tá rẹ̀ wọlé, ó wọ inú ọkọ̀ tí Wàsíù kàn fún un, ó gbé e dé Ẹ̀jìnrìn bí Wàsíù ṣe sọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ju tirẹ̀. Kí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti fetí sílẹ̀ délẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rántí gbogbo ohun tí ẹnì kejì sọ, ó sì gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò tẹ̀ lé e kí ariwo agbo tó rọlẹ̀. Nígbà tí mo bá ń kọ́ wọn ní àròkọ, ohun tó ń ṣòro jù fún wọn ni kí gbólóhùn kejì jẹ yọ láti inú èyí àkọ́kọ́. Dáre tí kò lè kọ ìpínrọ̀ kan délẹ̀ nínú ìwé ni ó ṣe èyí lábẹ́ igi, láìkọ́kọ́ rò ó sílẹ̀.

Ohùn ọ̀rọ̀ náà tún jẹ́ ẹ̀kọ́. Nínú èdè wa, orí tó rí rògòdò tóbi, orí tó rí rógódó sì kéré. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé ìwúwo, ohùn òkè ni ó ń gbé kíkéré. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan nínú agbo tún ọ̀rọ̀ ọmọ kíláàsì kẹta ṣe, nítorí pé ọmọ náà fẹ́ sọ pé orí ẹnì kan tóbi, ó wá lo ohùn òkè. "Rògòdò ni o máa sọ," ni ọmọbìnrin náà wí, "èyí tó o sọ yẹn, orí ẹyẹ ni." Kò sí ìwé kíláàsì kẹta tó ń kọ́ni ní èyí.

Òfin eré náà kò sí níbì kankan ní kíkọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ ẹni ni a ń bá ṣe é. Nígbà tí ọmọkùnrin kíláàsì kẹfà kan tó jù wọ́n lọ bọ́ sínú agbo, ọ̀rọ̀ kú mọ́ Dáre lẹ́nu, kì í sì í ṣe pé kò ní èébú lọ́wọ́, bí kò ṣe pé kò mọ̀ bóyá "orí ẹ" ni òun máa sọ fún ẹ̀gbọ́n ni tàbí "orí yín." Èébú tó bá lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ti bàjẹ́ kó tó jáde. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ara. A kò sì gbọdọ̀ gbé e wọ kíláàsì bí aago bá ti lù.

Òfin tó lágbára jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì sọ síta rí títí ìjà fi ṣẹlẹ̀: èébú gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́, irọ́ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó rò pé yàrá mẹ́ta wà nínú imú Wàsíù. Bí irọ́ náà bá ṣe tóbi tó ni ara ṣe ń balẹ̀ tó, nítorí pé ẹni tí a bú mọ̀ pé kì í ṣe òun gan-an ni a ń sọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ fi máa ń sá sí orí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ kan ara ju. Ìlú méjì ló wà nínú Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́; àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò ní Èkó ní 1851, ọdún Káyókáyó ni wọ́n sì fi ń rántí dídé wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ á ní àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ jẹ Káyókáyó títí tí ikùn wọn fi dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Àwọn yẹn á dáhùn pé gààrí ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń fọ eyín. Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, nítorí pé ikùn ẹnì kan pàtó kọ́ ni a dárúkọ.

Onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà kan, William Labov, ṣe ìwádìí irú eré yìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Hálẹ́ẹ̀mù, ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1972. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ń bú ìyá ara wọn pàápàá nínú eré, èyí tí àwọn ọmọ tiwa kì í ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó rí bá tiwa mu. Ó ṣàkíyèsí pé èébú eré máa ń jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, èébú mìíràn sì ni a ń fi dá a lóhùn. Bí èébú bá kan ohun tó lè jẹ́ òótọ́, ẹni tí a bú kì í bú padà. Ńṣe ni ó máa ń sẹ́, tàbí kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí eré ti tán kò nílò láti dúró de ẹ̀ṣẹ́. Kí ó tẹ́tí sí ìdáhùn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè béèrè pé ṣé kì í ṣe òótọ́ ni àwọn eléfẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń kọ lórin nílẹ̀ Kétu àti agbègbè Yewa, tí wọ́n á tú àṣírí ọlọ́jà àti ìjòyè lójú agbo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eléfẹ̀ gbé agọ̀ wọ̀, ó ti júbà fún àwọn ìyá kó tó la ẹnu, òru ọjọ́ tí ìlú yà sọ́tọ̀ ni ó sì ń kọrin. Ọmọ tó dúró lábẹ́ igi fúrúùtù kò ní agọ̀. Ojú rẹ̀ lásán ni ó fi ń bú ojú ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì yóò sì jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní wákàtí tó tẹ̀ lé e. Irọ́ nìkan ni agọ̀ tiwọn.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́, ọwọ́ Wàsíù le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti sọ fún Dáre pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ti akàn, débi pé bí olùkọ́ bá ní kí ó bọ́ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà lọ. Kí Dáre tó rí ìdáhùn, ó ti fi òmíràn lé e, agbo sì ń hó. Dáre wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá sọ pé:

"Ó kéré tán, ìyá tèmi ò sá fi mí sílẹ̀."

Agbo dákẹ́. Àwọn ọmọ tó ń pariwo fún ohun gbogbo kò pariwo fún èyí, ọmọbìnrin kan sì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Hẹn-ẹn, Dáre." Wọ́n mọ̀. Ìyá Wàsíù ti lọ sí Kútọnù láti ṣòwò, ó ti pẹ́ tí ó ti lọ, àwọn ará àdúgbò sì ti ń sọ ọ́ ní oríṣiríṣi. Gbólóhùn Dáre kò ní àfiwé, kò ní ìtàn, kò sì ní irọ́ tó hàn. Èsì Wàsíù náà kò ní ọnà kankan mọ́. Ó ní, "Ìyá mi ò sá. Ó lọ ta ọjà ni. Ó ń bọ̀ lọ́dún Iléyá." Ọ̀gá eré tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara rẹ̀.

Mo gbà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀, nítorí pé ojú ti ń ti Dáre, ó sì ti ń wo ilẹ̀. Ọmọkùnrin kíláàsì kẹfà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni kò jẹ́ kí ó parí. Ó fi ẹsẹ̀ kó iyanrìn jọ sí òkìtì méjì láàárín wọn, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dàgbà nílẹ̀ yìí ti rí rí: "Èyí ni ọmú ìyá Wàsíù, èyí ni ọmú ìyá Dáre. Ẹni tó bá láyà, kó fẹsẹ̀ tú u ká." Àwọn kan ti Dáre láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba orí òkìtì kan kọjá. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí wọ́n fi wà nílẹ̀ kí a tó là wọ́n.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkìtì iyanrìn yìí àti yábíìsì tóbi, àwọn àgbà sì máa ń pa méjèèjì pọ̀. Nínú yábíìsì, ẹni tó bá bínú ni ó pàdánù. Níbi òkìtì, ẹni tí kò bá bínú ni wọ́n ń pè ní ojo. Ọ̀kan ń fún ọmọ ní ìdí láti kó ara rẹ̀ níjàánu, èkejì ń gba ìdí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó sì kó iyanrìn jọ kì í fara pa rárá.

Ilé-ìwé na àwọn méjèèjì, wọ́n na àwọn mélòó kan tó wà nínú agbo, wọ́n sì kéde ní orí ìlà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pé kò gbọdọ̀ sí yábíìsì mọ́. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó kó òkìtì. Ohun tó tẹ̀ lé ìkéde náà ni pé eré kúrò lábẹ́ igi, ó lọ sí ojú ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti ṣíwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin kì í gba ibẹ̀ lọ sílé, àwọn sì ni wọ́n máa ń sọ pé "a ti gbọ́ yẹn rí" àti "hẹn-ẹn." Àwọn tó kù níbẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba. Láàárín ìgbà díẹ̀, ohun tí mo ń gbọ́ tí wọ́n ń tún sọ ní kíláàsì ti yí padà: àfiwé kò sí níbẹ̀ mọ́, ìyá, bàbá àti òṣì ilé ni ó kún inú rẹ̀. Ìfòfindè náà mú eré lọ, ó sì fi èébú sílẹ̀.

Dáre ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ní òun nìkan. N kò bi í pé kí ló dé tí ó fi bú ìyá ọlọ́mọ, nítorí pé ẹkún ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń mú wá. Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ sọ kí ó tó sọ èyí tó sọ. Ó ní òun kò rí nǹkan kan sọ, pé orí òun ṣófo, pé gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, òun sì mú èyí tó sún mọ́ ẹnu. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀ ni ó máa ń ki ọwọ́ bọ òótọ́, nítorí pé òótọ́ kò gba ọgbọ́n, ó kàn wà nílẹ̀ ni. Ohun tí a ń pè ní ìwà ìkà nínú ọmọdé máa ń jẹ́ àìní ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn, mo sì sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ bá tán, kí ó sọ pé, "O ti mú mi lónìí," kí ó sì kúrò lágbo. Àwọn ọmọ kì í fi ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́; ọjọ́ kejì ni tirẹ̀.

Ìyá àgbà Wàsíù wá sí ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì jókòó. Wọn kò bèèrè pé kí a tún na ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ọmọ náà ti bi wọ́n ní òru bóyá òótọ́ ni ìyá òun sá. "Mo sọ fún un pé ìyá ẹ ń fi owó ránṣẹ́," ni màmá wí, "àmọ́ mi ò lè sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ fún un, torí èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n, tíṣà." Mo bẹ màmá pé kí wọ́n sọ èyí gan-an fún un: pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pé ó ń fi owó ránṣẹ́, pé a kò tíì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ọmọ tó bá ti gbọ́ òótọ́ ilé rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹni ìta kò lè fi òótọ́ náà bá a lójijì. Iléyá tí Wàsíù sọ lójú agbo, ìrètí ni, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan sọ fún un, èyí gan-an ni ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Dáre rí ibi wọlé.

Lẹ́yìn náà ni mo mú ọ̀rọ̀ náà wá sí kíláàsì. Mo bi wọ́n pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ yábíìsì tó dára. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó ń dẹ pàkúté, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan ti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ òkú. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ àìsàn, tàbí àpá tí iná jó ènìyàn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ bí ẹnì kan kò bá rí oúnjẹ jẹ wá. Ọ̀kan ní orí tóbi kò burú, mo sì bi í pé bí orí ẹnì kan bá tóbi ní tòótọ́ ńkọ́? Ó ronú, ó ní, "Tí òun fúnra ẹ̀ bá ń fi rẹ́rìn-ín, kò burú. Tí kì í bá fi rẹ́rìn-ín, ó burú." Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mọ́kànlá. Wọ́n tún fi kún un, láìjẹ́ pé mo bèèrè, pé ẹni tó bá kó òkìtì iyanrìn ni ó jẹ̀bi ìjà.

Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ọ̀gá pé kí wọ́n máa ṣe é lábẹ́ igi, ní ojú fèrèsé mi, ní kíláàsì karùn-ún nìkan. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà kò fara mọ́ ọn, ó ní mo ń fi àṣẹ sí èébú, èrò rẹ̀ kì í sì í ṣe èrò òmùgọ̀, nítorí pé àwọn òbí kan wà tí wọn kò ní fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan bí ọmọ wọn bá dé ilé pẹ̀lú "etí ìgbòkun." Ohun tí mo sọ fún un ni pé èyí tí wọ́n ń ṣe ní etí ọ̀sà kò ní àṣẹ, kò sì ní adájọ́.

Wàsíù kò wọ inú agbo fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà, ẹnì kan dán an wò. Kì í ṣe Dáre. Ọmọ mìíràn ni, ó sì sọ nǹkan kan nípa Kútọnù. Mo dìde lórí àga. Wàsíù wò ó, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe eré. Mú òmíràn wá." Agbo gbè é: "Mú òmíràn wá!" Ọmọ náà wá òmíràn, ó ní irun orí Wàsíù rí bí kànìnkànìn tí wọ́n ti fi fọ ìkòkò Iléyá mẹ́ta, eré sì ń lọ.

Àwọn kan á sọ pé ọmọ ti gbó lára nìyẹn, pé ìyà ọjọ́sí ni ó jẹ́ kó gbó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ òótọ́ bá a, kò kọ́ ohunkóhun ju pé kí ó ju ẹ̀ṣẹ́. Ohun tó mú kí ó lè dúró ní ọjọ́ kejì yìí ni gbogbo irọ́ ńláńlá tí ó ti gbà sára láti ìgbà pípẹ́ wá, tí ó mọ̀ pé wọn kò kan òun, tí ó sì mọ̀ pé òun ni yóò sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Òótọ́ tí màmá ti sọ fún un nílé. Àti agbo tó mọ òfin. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò rò pé yóò lè sọ ohun tó sọ.

Ìdí nìyí tí eré náà kò fi jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, tí n ó pè ní Sẹ̀kínà, tó máa ń kólòlò. Eré tí ó gbára lé kí ènìyàn dáhùn kí ariwo tó rọlẹ̀ kò ní àyè fún un. Bí wọ́n bá bú u, ìgbà tí ó bá máa mú ọ̀rọ̀ jáde, wọ́n ti bú u ní ìkejì. Ẹrín wà níbẹ̀, gbogbo òfin tí àwọn ọmọ kà fún mi sì dà bí ẹni pé wọ́n pa á mọ́, nítorí pé irọ́ ni wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe eré. Èébú tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo láìpadà ti di ìfìyàjẹni, bí ó ti wù kí àfiwé inú rẹ̀ dùn tó. Mo mọ̀ ọ́n nípa ohun tí ó ń ṣe kì í ṣe nípa ohun tí wọ́n ń sọ: ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí kíláàsì ní àsìkò ìsinmi, ó ní orí ń fọ́ òun, orí fífọ́ náà kì í sì í dé ní ọjọ́ Ẹtì tí a kì í ní ìsinmi gígùn.

Mo sọ fún agbo pé ẹni tí kò bá fúnra rẹ̀ bọ́ sí àárín, a kì í bú u, yálà ó wà nítòsí tàbí kò sí. Wọ́n gbà á. Sẹ̀kínà ti padà sí abẹ́ igi, ẹ̀yìn agbo ni ó sì máa ń dúró sí. Ariwo tirẹ̀ ni ó máa ń gùn jù bí èébú bá dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ àpèlé tí wọ́n ti fún un kí òfin yẹn tó dé kò tíì tán lẹ́nu wọn. Mo gbọ́ ọ lórí ìlà omi ní ọ̀sẹ̀ tó parí sáà, láti ẹnu ọmọ kíláàsì kejì kan tí kò tilẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, tí ó sì rò pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni. Mo pe ọmọ náà, mo sọ orúkọ Sẹ̀kínà fún un, mo ní kí ó pè é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kejì sókè, kíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ti dẹ́kun, àwọn tí kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kiri báyìí.